Bẹ́ ẹ ṣe máa kọ létà káàbọ̀ sáwọn òbí níbẹ̀rẹ̀ táàmù, tí wọ́n á kà á tí wọ́n á dẹ̀ ṣe ohun tó wà ńbẹ̀

Tíṣà tó bá ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ ti kọ létà sáwọn òbí lọ́sẹ̀ tá a wọlé, ojú ìwé méjì gbáko, ó kún fọ́fọ́, ọ̀gá ilé-ìwé fọwọ́ sí i, wọ́n pín in. Tó bá máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, fóònù ò sinmi mọ́: aago mélòó lẹ ń parí, ọjọ́ wo ni wọ́n ń wọ aṣọ eré ìdárayá, àbúrò mi ló máa wá mú ọmọ lónìí o, ṣé kò síṣòro. Gbogbo ẹ̀ ló dẹ̀ wà nínú létà yẹn. Kì í ṣe pé àwọn òbí ò fẹ́ kàwé. Ohun tílé-ìwé fẹ́ sọ ni létà fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ohun tóun máa ṣe láàárọ̀ ọ̀la ni òbí ń wá. Ó ka ìlà mẹ́ta, kò rí i, ó ká létà sínú báàgì, ó di kó pe tíṣà.

Létà tíṣà kíláàsì ni mò ń sọ níbí, fáwọn ọmọ bí ọdún 6 sí 8, tó jẹ́ pé àgbà ló ṣì ń mú wọn wá tó ń mú wọn lọ. Létà owó ilé-ìwé yàtọ̀, ẹ má fi kún un rárá, torí tí owó bá ti wà nínú létà, owó yẹn nìkan ni òbí máa rí.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Kàlẹ́ńdà táàmù yìí: ọjọ́ ìwọlé, ọjọ́ ìsinmi àárín táàmù, ọjọ́ ìpàdé òbí, ọjọ́ ìparí.
- Tímùtébù kíláàsì yín, pàápàá àwọn ọjọ́ tí ọmọ gbọ́dọ̀ mú nǹkan pàtàkì dání.
- Òfin ilé-ìwé tí wọ́n kọ sílẹ̀ lórí mímú ọmọ lọ sílé, oògùn àti àìsàn. Èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ o, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ rántí.
- Nọ́ńbà fóònù ọ́fíìsì, àti aago tí ẹnì kan máa ń wà níbẹ̀ láti gbé e.
- Àwọn ìbéèrè táwọn òbí bi yín ní táàmù tó kọjá.

Ìkìlọ̀ kan lórí òfin yẹn. Tíṣà a máa fi inúure kọ ọ́ pé "ẹ lè fún mi ní oògùn ọmọ, màá bá yín fún un", kó dẹ̀ jẹ́ pé òfin ilé-ìwé ni pé nọ́ọ̀sì tàbí ọ́fíìsì nìkan ló lè gba oògùn. Ìlérí tó ti wọnú létà, ọwọ́ òbí ló wà, ó ṣòro láti gbà padà.

Ìpele 1: Ẹ kó ìbéèrè àwọn òbí jọ

Ẹ ṣí fóònù yín, ẹ wo àwọn mẹ́séèjì táwọn òbí fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ táàmù tó kọjá, kẹ́ ẹ kọ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí òbí ṣe béèrè ẹ̀ gan-an, ẹ má tún un ṣe. Tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín nìyí, ẹ béèrè lọ́wọ́ tíṣà tó ní kíláàsì yẹn lọ́dún tó kọjá, tàbí ẹni tó wà lọ́fíìsì, àwọn ló ń gbé fóònù.

Ẹ wá pín wọn sí mẹ́ta: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pàtó nínú ọ̀sẹ̀, àti ohun tá a máa ṣe tí nǹkan bá yí padà, bí ìgbà tí ọmọ ò yá, ìgbà tẹ́ni tó ń mú un lọ ò lè wá, ìgbà tó gbàgbé ìwé sílé. Ìkẹta yìí ni létà máa ń fò jù, òun gan-an ló dẹ̀ ń fa ìpè tó pọ̀ jù, torí ọjọ́ tí nǹkan yí padà lọ́kàn òbí ò balẹ̀.

Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìṣe níbí ni pé dípò ìbéèrè òbí, ohun tó ń bí àwọn fúnra wọn nínú ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, wọ́n á wá kọ létà tó dà bíi pé wọ́n ń báni jà kí wọ́n tó mọni.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ka ìwé yín látòkè délẹ̀. Ṣé òbí kan lè pe fóònù láti béèrè gbogbo ohun tó wà ńbẹ̀? Èyí tẹ́nikẹ́ni ò ní pè tìtorí ẹ̀, bí ìtàn ilé-ìwé tàbí ìwé-ẹ̀rí yín, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ìpele 2: Ẹ sọ òfin di ohun tí òbí máa ṣe

Ibí niṣẹ́ wà jù, ẹ má kánjú kúrò ńbẹ̀. Ẹ wo gbólóhùn yìí, ẹ ti rí i rí: "A rọ gbogbo òbí láti máa mú ọmọ wọn wá sílé-ìwé lásìkò." Kò sí òbí tó máa sọ pé òun ò gbà, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ ohun tóun máa ṣe pẹ̀lú ẹ̀. Lásìkò wo? Ṣé aago tí géètì ṣí ni àbí aago tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀? Tá a bá wá pẹ́ ńkọ́, ṣé kí n sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́nu géètì kí n máa lọ? Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀ á di odindi. Nínú létà yìí, odindi ni kẹ́ ẹ sọ, torí tó bá jẹ́ ogún òbí ló wà ní kíláàsì yín, ogún ọ̀nà ni wọ́n máa gbà parí àbọ̀ yẹn fúnra wọn.

Ọ̀rọ̀ kan náà rèé nígbà tá a tún un kọ:

> Ilẹ̀kùn kíláàsì máa ń ṣí ní aago 7:45. A máa ń pe orúkọ ní aago 8:00, lẹ́yìn náà ni ìwé kíkà bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé lẹ́yìn aago 8:00, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́kọ́ mú ọmọ lọ sí ọ́fíìsì kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tórúkọ ẹ̀ ò bá sí nínú réjísítà, ọ́fíìsì máa pe ilé láti béèrè bóyá àlàáfíà ni.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ẹ̀. Aago wà ńbẹ̀, ohun tí òbí máa ṣe wà ńbẹ̀, ohun tó máa ṣe tó bá pẹ́ náà wà ńbẹ̀, ìdí ẹ̀ dẹ̀ wà ńbẹ̀ ní gbólóhùn kan. Ìdí yẹn ló máa ń jẹ́ kí òbí tẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá kàn sọ pé kó gba ọ́fíìsì, á rò pẹ́ ẹ fẹ́ dójú ti òun ni, àmọ́ tó bá mọ̀ pé torí kí wọ́n má pe òun láàárín iṣẹ́ pé ọmọ òun ò dé ilé-ìwé ni, á gba ọ́fíìsì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ṣe àwọn yòókù. "Kí ọmọ máa múra dáadáa" á di "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́ Ẹtì ni eré ìdárayá, kí ọmọ wọ aṣọ eré wá látilé, kó wọ bàtà tó lè dì fúnra ẹ̀". Ọ̀rọ̀ bàtà yẹn kì í ṣe eré o, tíṣà tó bá ti bá ogún ọmọ di okùn bàtà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá máa lóye mi.

Mélòó ló yẹ kó wà ńbẹ̀? Lójú tèmi, kó má ju márùn-ún lọ. Tó bá ti di méjìlá, òbí ò lè mọ èyí tó ṣe kókó nínú wọn mọ́. Bẹ́ ẹ ṣe máa yàn nìyí: ẹ mú èyí tó jẹ́ pé ọwọ́ òbí nìkan ló wà. "Kí ọmọ má pariwo ní kíláàsì" kì í ṣe ti òbí, òbí ò sí ní kíláàsì, ẹ kọ́ ọmọ lóhun yẹn fúnra yín lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Àkókò dídé, ẹni tó ń mú ọmọ lọ, iṣẹ́ àṣetiléwá, orúkọ lára aṣọ àti báàgì, sísọ fún ilé-ìwé tí ọmọ ò bá yá: àwọn yìí ni òbí lè ṣe.

Ìkìlọ̀: ẹ yọ gbogbo "a ò ní gbà", "ìjìyà wà fún" àti "ó pọn dandan" kúrò. Òbí tẹ́ ẹ ò tíì bá pàdé ni, kò tíì ṣẹ̀ yín.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín pé "tó bá jẹ́ èmi ni òbí, kí ni kí n ṣe, nígbà wo?" Tẹ́ ẹ ò bá rí ìdáhùn nínú gbólóhùn yẹn gan-an, ẹ tún un kọ.

Ìpele 3: Ẹ kọ ìbẹ̀rẹ̀ létà, kó kúrú

Gbólóhùn mẹ́rin ti tó:

> Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Orúkọ mi ni ________, èmi ni tíṣà kíláàsì kejì ní táàmù yìí, ọ̀dọ̀ mi lọmọ yín máa wà láti àárọ̀ títí wọ́n fi máa jáde. Ohun tẹ́ ẹ nílò láti mọ̀ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló wà nínú létà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ohun tó yẹ sínú fọ́ọ̀mù tó wà nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi rán ọmọ padà kó tó di Ọjọ́bọ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé mi ò kọ "Bàbá àti Màmá". Ọmọ míì wà tó jẹ́ ìyá àgbà ló ń tọ́ ọ, òmíì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀, ẹni tó dẹ̀ ń tọ́ ọmọ yẹn gan-an ló yẹ kí létà kí. Ẹ tún wo pé mo ti dárúkọ fọ́ọ̀mù lókè, kì í ṣe ìsàlẹ̀ nìkan, torí ẹni tí ò bá kà á dópin á ti mọ̀ pé ohun kan wà tóun máa dá padà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fọwọ́ bo gbogbo ìyókù. Ṣé ẹni tó ka ibí yìí nìkan ti mọ orúkọ yín, kíláàsì tó kàn, àti ohun tó máa dá padà?

Ìpele 4: Ẹ to ọjọ́ ọmọ láti àárọ̀ dìgbà tó máa lọ sílé

Bí aago ṣe ń lọ ni kẹ́ ẹ to ó, kì í ṣe bó ṣe ṣe pàtàkì sí yín. Dídé lẹ́ ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, èyí tá a ti kọ lókè, lẹ́yìn ẹ̀ ni ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì, oúnjẹ àti omi, àwọn ọjọ́ eré ìdárayá àti láíbìrì, kẹ́ ẹ wá fi lílọ sílé parí ẹ̀. Gbólóhùn kan tàbí méjì ti tó fún àwọn tó wà láàárín.

Lílọ sílé lẹ ò gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé:

> Ẹ̀kọ́ máa ń parí ní aago 2:00. Ẹ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kíláàsì, màá máa pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo bá ṣe ń rí ẹni tó wá mú wọn. Àwọn tẹ́ ẹ kọ orúkọ wọn sínú fọ́ọ̀mù nìkan ni màá fi ọmọ lé lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló máa wá, ẹ pe ọ́fíìsì kó tó di aago 1:00, kẹ́ ẹ sọ orúkọ ẹni náà. Tá ò bá gbọ́ látọ̀dọ̀ yín, ọmọ máa dúró lọ́dọ̀ wa títí a fi máa bá yín sọ̀rọ̀, kódà tí ọmọ bá mọ ẹni náà dáadáa. Ọmọ tí wọn ò bá tíì wá mú ní aago 2:20 máa wà ní ọ́fíìsì, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà á.

Gbólóhùn "kódà tí ọmọ bá mọ ẹni náà dáadáa" lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yọ torí ó dà bíi pé ó le. Ẹ jẹ́ kó wà ńbẹ̀. Ẹ wò ó báyìí: àbúrò bàbá dé ní aago 2:00, ọmọ rí i, ó sáré lọ dì mọ́ ọn, orúkọ ẹ̀ ò dẹ̀ sí nínú fọ́ọ̀mù. Tí létà ò bá ti sọ ọ́ ṣáájú, ẹ̀yin lẹ máa dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn níwájú àwọn òbí tó kù, tẹ́ ẹ máa sọ fún àgbàlagbà pẹ́ ẹ ò lè fún un lọ́mọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, á rò pé ọ̀rọ̀ òun nìkan lẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá ti wà nínú létà tó lọ sílé gbogbo ọmọ, kò ní di ìjà. Ilé míì dẹ̀ wà tí bàbá àti ìyá ti kọ ara wọn sílẹ̀, tí wọ́n ti pinnu ẹni tó lè mú ọmọ. Òfin kan náà fún gbogbo èèyàn ni ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ máa tú àṣírí ilé ẹnikẹ́ni.

Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n pe ọ́fíìsì ni pé tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ò gbọ́dọ̀ máa wo fóònù. Mẹ́séèjì tí òbí fi ránṣẹ́ sí yín ní aago 1:30, aago 2:30 lẹ lè rí i, ọmọ ti dúró títí. Aago 1:00 yẹn náà ní ìdí: ó fún ọ́fíìsì láyè láti kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n mú un wá bá yín ní kíláàsì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ro ọjọ́ mẹ́ta tí nǹkan yí padà: ọmọ pẹ́, ẹlòmíì wá mú un, ó ṣàìsàn láàárọ̀. Ẹ wá ohun tí òbí máa ṣe lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan nínú létà yín. Tẹ́ ẹ bá wá ọ̀kan tì, ẹ fi kún un.

Ìpele 5: Iṣẹ́ àṣetiléwá, àti bí wọ́n ṣe máa bá yín sọ̀rọ̀

Ohun tí òbí kì í mọ̀ lórí iṣẹ́ àṣetiléwá ni ibi tó yẹ kóun dúró. Àwọn kan á bá ọmọ ṣe gbogbo ẹ̀, ẹ̀yin á máa máàkì iṣẹ́ ìyá. Àwọn kan á fi ọmọ sílẹ̀ lórí ìwé títí oorun á fi gbé e, torí wọ́n rò pé ó gbọ́dọ̀ parí. Ẹ sọ ibi ìdúró yẹn:

> Iṣẹ́ àṣetiléwá máa wá sílé ní Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì ẹ̀ ló máa padà. Kò yẹ kó ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ lè ka ìbéèrè fún ọmọ, ẹ lè ṣàlàyé ẹ̀ lédè tó gbọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kó kọ ìdáhùn fúnra ẹ̀, ìbáà gbà á, ìbáà ṣì í. Tí ogún ìṣẹ́jú bá pé tí kò tíì parí, ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ kọ "ibí la dé" síbẹ̀. Mi ò ní bá ọmọ wí, èmi ni màá mọ ohun tí mo máa tún kọ́ ọ.

"Ibí la dé" yẹn wúlò fún yín ju iṣẹ́ tí wọ́n parí lọ. Tí ọmọ mẹ́jọ bá dúró síbì kan náà, ẹ̀kọ́ yẹn ò tíì wọlé nìyẹn.

Tó bá kan bíbá yín sọ̀rọ̀, ẹ sọ ọ̀nà, ẹ sọ aago, ẹ sọ ìgbà tẹ́ ẹ máa dáhùn. Bí àpẹẹrẹ: "Ọ̀rọ̀ tí ò kánjú, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí ọmọ fi ń jíṣẹ́ láàárín ilé àti ilé-ìwé tàbí kẹ́ ẹ fi mẹ́séèjì ránṣẹ́, màá dáhùn kí ọjọ́ ilé-ìwé tó tẹ̀ lé e tó parí. Ọ̀rọ̀ kíákíá, ẹ pe ọ́fíìsì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá mi jókòó, mo wà nílẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ láti aago 2:20 sí aago 3:00, ẹ kàn sọ fún mi ṣáájú." Tẹ́ ẹ bá ní gúrúùpù Wásáàpù, ẹ sọ ọ́ kedere pé ìkéde nìkan ló wà fún, ọ̀rọ̀ ọmọ kan pàtó ò gbọ́dọ̀ débẹ̀, ìbáà jẹ́ ìyìn ìbáà jẹ́ ẹjọ́.

Ìkìlọ̀: ẹ má kọ "ẹ lè pè mí nígbàkúgbà". Ẹ ò lè ṣe é, òbí tó bá dẹ̀ pè lálẹ́ tẹ́ ẹ ò gbé e á rò pẹ́ ẹ ń yẹra fóun ni.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ṣé ẹ lè mú gbogbo ìlérí ibí yìí ṣẹ lọ́sẹ̀ tíṣẹ́ pọ̀ jù nínú táàmù? Èyí tẹ́ ẹ ò bá lè ṣe, ẹ dín in kù nísinsìnyí.

Ìpele 6: Fọ́ọ̀mù ìsàlẹ̀

Ẹ fa ìlà sí ìsàlẹ̀ létà, ohun tó wà nísàlẹ̀ ìlà ni wọ́n máa gé padà wá. Ẹ béèrè orúkọ ọmọ, orúkọ tó fẹ́ ká máa pè é, nọ́ńbà fóònù méjì tó ń lọ, orúkọ àwọn tó lè mú un lọ sílé àti bí wọ́n ṣe bá a tan, àìsàn tàbí oúnjẹ tí kì í bá ara ẹ̀ mu, àti ìlà kan tó sọ pé "Ohun kan tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa ọmọ mi". Lẹ́yìn náà, ìfọwọ́sí òbí àti déètì.

Ìlà "ohun kan" yẹn, ẹ fi sílẹ̀ tó gùn. Ibẹ̀ lòbí ti máa kọ ọ́ pé ọmọ ò gbọ́ràn dáadáa létí òsì, tàbí pé bàbá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rìnrìn àjò ó dẹ̀ ń sunkún láàárọ̀, ẹ̀yin á mọ ibi tẹ́ ẹ máa jẹ́ kó jókòó sí kí oṣù tó pé.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe: wọ́n máa ń ní kí àwọn òbí tẹ ìdáhùn sínú gúrúùpù kó lè yá. Ọ̀rọ̀ ìlera ọmọ kì í ṣe ohun tí gbogbo òbí kíláàsì yẹ kó kà. Ìwé ni, tàbí mẹ́séèjì sí ilé-ìwé nìkan.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ gé e dànù lára létà kan. Ṣé ohunkóhun tí òbí máa nílò láti fi pa mọ́ bá a lọ? Déètì tàbí nọ́ńbà ọ́fíìsì ò gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn fọ́ọ̀mù yẹn.

Ìpele 7: Ẹ dán an wò, kẹ́ ẹ tó pín in

Kó jẹ́ ojú ìwé kan, iwájú nìkan, tí fọ́ọ̀mù bá gbàyè kó gba ẹ̀yìn, àmọ́ kẹ́ ẹ kọ "ẹ yí i padà" síwájú. Ẹ wá ẹnì kan tí kì í ṣe tíṣà, ẹ fún un ní létà, ẹ má ṣàlàyé nǹkan kan, kẹ́ ẹ bi í ní mẹ́ta: aago wo ni kí n mú ọmọ wá, kí ni kí n ṣe tí ẹlòmíì bá máa wá mú un, ọjọ́ wo ni fọ́ọ̀mù máa padà? Tó bá ń yí ìwé síwá sẹ́yìn kó tó dáhùn ọ̀kan, ibi tí ìdáhùn yẹn wà ni kẹ́ ẹ tún ṣe, ẹ fi àkòrí kékeré sí i tàbí kẹ́ ẹ gbé e sókè.

Tó bá jẹ́ pé àwọn òbí kan ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ èdè tílé-ìwé ń kọ, ẹ jẹ́ kẹ́ni tó gbọ́ èdè wọn bá yín kọ ọ́, kẹ́lòmíì tó gbọ́ ọ náà tún un kà. Fáwọn tí kì í kàwé, ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ lórí fóònù, ẹ ka létà yẹn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ má fi ọmọ ṣe ògbufọ̀, ohun tí kò bá fẹ́ ni kò ní sọ.

Ẹ jẹ́ kó dé ọwọ́ òbí ní nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sáájú ọjọ́ ìwọlé, kí wọ́n tó ra nǹkan tán kí wọ́n tó ṣètò ẹni tó máa máa mú ọmọ. Ẹ tún fi ìwé rán ọmọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ sórí ìwé kan, kẹ́ ẹ máa fàmì sí èyí tí fọ́ọ̀mù ẹ̀ ti padà. Tó bá di Ọjọ́ Ẹtì, ẹ pe àwọn tó kù lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù, ẹ kọ ọ́ fúnra yín. Ẹ má fi ìránnilétí sínú gúrúùpù pé "àwọn kan ò tíì dá tiwọn padà", torí ìtìjú ló máa dá sílẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* lọ́sẹ̀ kejì, ẹ ka ìbéèrè táwọn òbí ṣì ń bi yín. Èyí tẹ́ni méjì tàbí mẹ́ta bá béèrè, ẹ lọ wá a nínú létà. Tó bá wà ńbẹ̀, àyè ẹ̀ ni ò dáa tàbí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni ò yé wọn. Tí kò bá sí, ẹ kọ ọ́ sórí ẹ̀dà tẹ́ ẹ fi pa mọ́, kẹ́ ẹ lè fi kún ti táàmù tó ń bọ̀.